Lóònù 10%, owó tara mi, kóòlùrúùmù £30,000: èló gan-an ni owó ń ná ṣọ́ọ̀bù mi?

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará wa. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa tí mo ní níbí, mo ti sọ ọ́ di kọ́ńpìnì láti ọjọ́ tó pẹ́, mo wá fẹ́ gbé kóòlùrúùmù sí ẹ̀yìn ẹ̀ kí n lè máa ra ẹja àti ẹran ní páálí púpọ̀. £30,000 ni wọ́n pè é. Mo ti ṣírò ẹ̀, tí n bá yọ owó iná, owó àtúnṣe àti owó orí kúrò, £9,000 ló máa kù lọ́dún, ọdún márùn-ún ni mo sì fún un kó tó daṣẹ́ sílẹ̀. Báńkì máa yá mi lówó ní 10%. Àkáńtáǹtì mi wá ní kí n má tíì tọwọ́ bọ nǹkankan, kí n kọ́kọ́ wá WACC ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ni ìpíndọ́gba iye tí gbogbo owó inú òwò ń ná mi, ti báńkì àti tèmi, ó fi fọ́múlà kan ránṣẹ́, mi ò mọ orí mi ò mọ ìdí ẹ̀. Gbèsè báńkì tó wà nílẹ̀ jẹ́ £40,000, òun náà 10%. Owó tèmi, £25,000 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní 2017, àjọ tí mo kó wà nínú ẹ̀, mo sì ti fi èrè £15,000 sílẹ̀ síbẹ̀ tí mi ò kó o jáde.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Pẹ́kámù
Ẹ̀yin mọ̀mí, èyí ò le rárá. Lóònù lẹ fẹ́ fi rà á, lóònù jẹ́ 10%, wọ́n sì máa ń yọ èlé báńkì kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ka owó orí kọ́ńpìnì, tí èrè yín ò bá ti kọjá £50,000 lọ́dún 19% ni owó orí yín, á wá kù 8.1%. Ìyẹn ló ń ná yín. Owó tara yín tó wà ńbẹ̀ kò ná yín ní nǹkankan, ta ló ń bi yín ní èlé lórí ẹ̀? Ẹ rà á jàre.

Bọ̀dá Ìṣirò, Líìdì
Àbúrò, ibi tó o ti sọ owó orí yẹn dáa, 8.1% náà ló kù lórí lóònù, níwọ̀n ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ń jèrè. Tí wọ́n bá pàdánù lọ́dún kan tí kò sí owó orí láti san, kò sí ohun tí ìjọba fẹ́ dín kù fún wọn lọ́dún yẹn, 10% gan-an ni wọ́n máa fojú rí. Ṣùgbọ́n owó tara ẹni tó o sọ pé kò ná wọn ní nǹkankan, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kó o dúró díẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ n bi yín ní ohun méjì. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí, èló ni yóò san? Tí ẹ bá sì kó owó yín jáde tán, kí lẹ máa fi ṣe?

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà
Ẹnì kan ti wá o, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó ní òun máa fún mi ní £120,000, òun á sì gba gbèsè báńkì yẹn sọ́rùn ara òun. Mo ní mi ò tà. Ohun tí n bá fi ṣe, bóyá n bá ra ṣíà àwọn kọ́ńpìnì ńláńlá kí n sì lọ sinmi.

Bọ̀dá Ìṣirò, Líìdì
Ẹ ṣé, ó ti tán nìyẹn. Ẹ wò ó, ìwé àkáńtì ní owó yín jẹ́ £40,000, gbèsè £40,000, àbọ̀ àbọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kó sílẹ̀ ní 2017 kọ́ lẹ ní lónìí, £120,000 tí ẹ kọ̀ láti gbà lẹ fi sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ọjọ́ tí ẹ sọ pé ẹ ò tà ni ẹ tún un dá padà sínú òwò. £120,000 tiyín, £40,000 ti báńkì, àròpọ̀ £160,000. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ tiyín, ìdá kan ti báńkì.

Iye tí owó yín ń ná wá kù. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọgbọ́n orí la máa fi wá a. Kò lè kéré sí 10% tí báńkì ń gbà, torí báńkì ló máa kọ́kọ́ gba tiẹ̀ tí nǹkan bá yíwọ́, ẹ̀yin lẹ máa gba àṣẹ́kù. Kò sì lè kéré sí ohun tí ṣíà àwọn kọ́ńpìnì ńlá máa mú wá, torí àwọn yẹn ẹ lè tà wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò kan kò ṣeé tà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń díye lé òwò kéékèèké máa ń bẹ̀rẹ̀ láti èlé báńdì ìjọba, wọ́n á fi ti ewu ṣíà lé e, wọ́n á tún fi ti kékeré òwò àti àìṣeétà kíákíá lé e. Ẹ jẹ́ ká mú 20% ná, a máa padà sí i. Ẹ tẹ èyí sínú Excel:

```
=0.75*0.20 + 0.25*0.10*(1-0.19)
```

Á fún yín ní 0.17025, ìyẹn 17% àti díẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí £9,000 lọ́dún fún ọdún márùn-ún tó lónìí:

```
=PV(0.17025,5,-9000)
```

Ó lé díẹ̀ ní £28,770. Ẹ máa san £30,000 fún nǹkan tó tó £28,770. Tí ẹ bá lo àbọ̀ àbọ̀ inú ìwé, WACC á jẹ́ 14.05%, kóòlùrúùmù yẹn á tó nǹkan bíi £30,860, á wá dà bíi pé ẹ jèrè. Tí ẹ bá lo 8.1% ti Ọmọ Ẹ̀gbá, á tó nǹkan bíi £35,800. Kóòlùrúùmù kan náà o, ìdáhùn mẹ́ta.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Pẹ́kámù
Bọ̀dá, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì yé mi. Kọ́bọ̀ wọn kan ò sí nínú kóòlùrúùmù yìí, lóònù ló máa san gbogbo ẹ̀. Kí ló kan owó ṣọ́ọ̀bù?

Bọ̀dá Ìṣirò, Líìdì
Tí o bá lọ sí báńkì yẹn kan náà láì ní ṣọ́ọ̀bù, tó o ní kí wọ́n yá ẹ ní £30,000 fún kóòlùrúùmù nìkan, ṣé wọ́n á dá ẹ lóhùn? Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń pawó, àti ìwé tí Ìyá Ìbejì máa fọwọ́ sí pé òun fúnra òun máa san án tí kọ́ńpìnì ò bá rí i san, ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi sọ pé 10%. Owó tiwọn ló dúró fún lóònù yẹn. Tí wọ́n bá wá yá èyí tán, tí ọdún tó ń bọ̀ wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù, báńkì lè sọ pé gbèsè ti pọ̀ jù, owó tara wọn ni wọ́n máa fi rà á. Ṣé o máa wá sọ pé 20% ni ti ọkọ̀, 8.1% ni ti kóòlùrúùmù, torí èyí tó kọ́kọ́ délẹ̀?

Ohun tó mú kí àwọn kan rò pé bí gbèsè bá ṣe ń pọ̀ ni WACC á máa wálẹ̀ ni pé wọ́n di 20% yẹn mú bí ẹni pé kò lè yẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Modigliani àti Miller, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1958: bí gbèsè ṣe ń pọ̀ sí i, ewu tó wà lórí àṣẹ́kù oníṣọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí i, owó oníṣọ́ọ̀bù náà á sì wọ́n sí i. Èrè gidi tí gbèsè ní lórí iye yìí ni ti owó orí.

Àlàájà, Húsítọ̀n
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo tèmi náà. Mo fẹ́ yá dọ́là lórí ilé mi níbí ní 8.5%, kí n fi dá ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ó máa mú 25% wá lọ́dún. Ṣé kí n fi 8.5% sínú fọ́múlà yẹn?

Bọ̀dá Ìṣirò, Líìdì
Àlàájà, rárá o. Náírà ni búlọ́ọ̀kù yín máa pa, dọ́là lẹ máa san padà. Dọ́là kan ò tó ₦500 ní ọjà ìjọba kó tó di June 2023, kí 2024 tó parí ó ti kọjá ₦1,500. Tí ẹ bá ti fi náírà ṣírò èrè, náírà ni kí ẹ fi ṣírò iye tí owó ń ná yín náà, àti lóònù àti tiyín. Central Bank Nàìjíríà gbé èlé tiwọn dé 27.5% ní November 2024, ẹ wá ro ohun tí báńkì máa bi oníbúlọ́ọ̀kù. 25% yẹn lè máà kájú ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi dọ́là ṣe é, ẹ yí owó ọdún kọ̀ọ̀kan sí dọ́là lórí iye tí ẹ rò pé dọ́là máa jẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ti òní.

Àńtí Nọ́ọ̀sì, Bámíngámù
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣọ́ 19% yẹn o. Kọ́ńpìnì méjì ni mo ní, mo rò pé ìkọ̀ọ̀kan ló ní £50,000 tiẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n pín in sí méjì, £25,000 ni ìkọ̀ọ̀kan. Láti April 2023 ni. Èrè tèmi wá kọjá £25,000 yẹn, ó bọ́ sí ibi tí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá lé ti ń san 26.5%. Nígbà yẹn èlé lóònù mi ń dín owó orí mi kù ní 26.5%, kì í ṣe 19%.

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà
Kọ́ńpìnì kan péré ni tèmi, èrè mi ò sì tíì tó £50,000. Bọ̀dá, ohun kan ń dà mí láàmú. £9,000 yẹn, ṣé kí n tún yọ èlé báńkì kúrò nínú ẹ̀? Àkáńtáǹtì mi yọ ọ́, £6,570 ló kọ fún ọdún àkọ́kọ́.

Bọ̀dá Ìṣirò, Líìdì
Ẹ má yọ ọ́. Èlé ti wà nínú 17% yẹn, tí ẹ bá tún yọ ọ́ lókè, ẹ ti san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi £9,000 sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí 20%. Mi ò lè bá yín búra pé òun ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wá ibi tí ìdáhùn ti ń yí padà. £30,000 tó ń mú £9,000 wá fún ọdún márùn-ún, 15.2% ló ń pa. Kí WACC yín tó lè jẹ́ 15.2%, owó tara yín gbọ́dọ̀ máa ná yín ní nǹkan bíi 17.6%. Ìbéèrè wá kúrò ní pé ṣé 20% ni àbí 19%. Ṣé tí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi owó yín sínú ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, tí kì í ṣe tiyín, ẹ máa gbà á ní 17%?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Pẹ́kámù
Èmi á gbà á. Ìyá Ìbejì mọ ọjà wọn, ewu ẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà
Èmi ò ní gbà á. Mo mọ ohun tí ojú mi rí ní 2020. Ṣùgbọ́n mo ti pe oníkóòlùrúùmù náà lóru àná, ó ti gbà £28,500.

Bọ̀dá Ìṣirò, Líìdì
Ó ti wọlé nìyẹn, àmọ́ £270 péré ló fi lé. Tí owó iná bá fi £100 wọ́n sí i lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Iye wo lẹ fi ṣírò iná?

Ìyá Ìbejì, Mansẹ́sítà
Iye tí mò ń san báyìí ni. Àdéhùn iná mi máa parí ní September. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gba iye tuntun lọ́wọ́ wọn ná, mo máa padà wá síbí kọ ọ́.