Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí owó orí tí kọ̀ǹpútà kà láti inú fọ́tò bá tọ̀nà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe, àwọn oníbàárà mi sì máa ń yọ owó orí sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó fún mi. Fọ́tò ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, èmi ni mo sì ń kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ, kí n lè yọ iye náà kúrò nínú owó orí tí mo jẹ. Báyìí ni mo ṣe ń kà wọ́n:

```
tesseract iwe.png iwe --psm 6
```

Iye owó kò dà mí láàmú, nítorí pé ìṣirò máa ń tú àṣìṣe rẹ̀ fó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka 480,000 sí 430,000, ṣùgbọ́n 24,000 ni wọ́n yọ ní ìdá 5%. 5% nínú 430,000 sì jẹ́ 21,500, èyí tí kò bá a mu.

Nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí gan-an ni ìṣòro mi, pàápàá níbi tí òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù ti gorí rẹ̀. Bí 8 bá di 3 níbẹ̀, kò sí ìṣirò tó lè fi hàn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé àwọn agbowó-orí kò ní rí ìwé náà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Mo ti gbìyànjú láti ka fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí n fi èsì méjèèjì wéra, àmọ́ bí àkọ́kọ́ bá ti ṣe àṣìṣe, èkejì náà a ṣe àṣìṣe kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè pa àwọ̀ òǹtẹ̀ náà rẹ́ kí nọ́ńbà dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ má bàa bá a lọ?