Owó ìwádìí: ìnáwó ọdún ni, àbí dúkìá aláìlára?

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni ká pe dúkìá tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní Yorùbá? Owó tí ilé-iṣẹ́ ná sórí ìwádìí ńkọ́: ìgbà wo ni ká ní ó ti wọnú ìnáwó, ìgbà wo ni ká ní ó di dúkìá?

Bàbá Ìjẹ̀bú: "Dúkìá àìfojúrí" tẹ́ mi lọ́rùn. Èkejì, kíkọ owó ìwádìí sí dúkìá, ẹ pè é ní "sísọ owó di owó ìdókòwò". Gbogbo owó ìwádìí ló yẹ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ iwájú la ṣáà ń ná an fún.

Ìyá Oníṣirò: Ẹ má bínú, Bàbá. Owó ìdókòwò ni èyí tí àwọn onílé-iṣẹ́ kó sílẹ̀. Eléyìí ti jáde lápò. Ibi tí a ó kọ ọ́ sí ló kù. "Gbé e sí dúkìá" tó. "Àìfojúrí" kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá a mu, a kúkú ń rí sọ́fíwià lójú ẹ̀rọ. "Aláìlára" ni mo fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè tí oníbàárà jẹ wá náà kò lára, tí kò sì sí nínú ọ̀wọ́ yìí, torí owó ni yóò dà.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gẹ́. Láti January dé August, ó ná mílíọ̀nù 9 náírà láti mọ irú abẹ tó lè bó o. Ìpín kìíní nìyẹn, ìwádìí. Ní ọjọ́ 1 September, ó fi hàn pé ẹ̀rọ náà ṣeé ṣe, pé òun fẹ́ parí rẹ̀, pé òun lè tà á, pé ọjà wà, pé owó àti òṣìṣẹ́ tí yóò parí rẹ̀ wà nílẹ̀, pé òun sì lè ṣírò ohun tó ń ná òun. Ó tún ná mílíọ̀nù 5 títí dé December láti sọ ìmọ̀ náà di ẹ̀rọ. Ìpín kejì nìyẹn. Ní ìlànà ìṣirò owó káríayé nọ́ńbà 38, mílíọ̀nù 5 nìkan ló di dúkìá. Mílíọ̀nù 9 ti wọnú ìnáwó, kò sì lè padà jáde, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ náà tà wàràwàrà.

Ìyá Alásọ: Mo san 800,000 náírà fún ìpolówó lórí rédíò kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi lè tàn. Orúkọ náà kò lára. Ṣé dúkìá ni?

Ìyá Oníṣirò: Rárá o, àǹtí. Ìnáwó ni ìpolówó, orúkọ tí èèyàn fúnra rẹ̀ gbìn kì í wọ ìwé dúkìá. Bí ẹlòmíràn bá ra orúkọ yẹn lọ́wọ́ yín, yóò wọ ìwé tirẹ̀.

Ọmọ Houston: Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, láti ìlànà 1974, ìnáwó ni ìpín méjèèjì, àfi àwọn nǹkan bíi sọ́fíwià. Nítorí náà, ẹ má so ọ̀rọ̀ "dúkìá" mọ́ orúkọ ìpín kejì. Kí la ó wá pè é? "Ìdàgbàsókè" ń mú ọkàn lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Bàbá Ìjẹ̀bú: "Ìgbéjáde" ńkọ́?

Ìyá Oníṣirò: Ẹni tó bá gbọ́ ìgbéjáde yóò rò pé ọjà ti dé igbá. Ìpín yìí sì ti parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ náà fún títà. Mo ń wo "àgbékalẹ̀", ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán-ilé ti gbà á.