Wọ́n ní ìrírí mi ti ju iṣẹ́ yìí lọ, kí ni kí n sọ fún wọn?

Arábìnrin Oníṣirò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Inú ń bí mi gan-an. Iṣẹ́ oníṣirò owó ni mo lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún. Ẹni tó ti lo ọdún 3 nídìí iṣẹ́ ni ìpolówó wọn ní àwọn ń wá, tí á máa fi ìwé báǹkì wé lẹ́jà, tí á sì máa san owó àwọn tó ń kó ọjà wá, èmi sì ti lo ọdún 14, mo tún ti jẹ́ olórí ẹ̀ka tí èèyàn 9 wà lábẹ́ mi. Wọ́n fi mí jókòó síta títí ó fi sú mi kí wọ́n tó pè mí. Àwọn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń tẹ fóònù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, èkejì ò tilẹ̀ kí mi dáadáa. Wọ́n wo síífíì mi tán, ó di, "Ẹ ò rò pé iṣẹ́ yìí kéré jù fún yín?" Mo ní rárá, mo lè dijú ṣe é. Mo ní ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún mi ni màá ṣe, kí wọ́n ṣáà gbà mí. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́? Wọ́n ti pè mí fún ìpele kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá tí màá bá ṣiṣẹ́ ló fẹ́ rí mi. Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ẹ yọ ọdún tí ẹ jáde ilé ìwé kúrò nínú síífíì, kí ẹ wọ aṣọ tó máa mú yín dà bí ọ̀dọ́.

Ọ̀rọ̀ Ajé:
Ẹ gé síífíì yẹn kúrú. Ẹ pa "olórí ẹ̀ka" rẹ́, kí ẹ kọ "oníṣirò owó" síbẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ máa gba owó tó kéré ju èyí tí wọ́n kọ lọ. Ọ̀rọ̀ parí.

Agbanisíṣẹ́:
Ọ̀rọ̀ Ajé, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Ó dára kí síífíì kúrú. Ẹ lè fi ọdún 10 tó kẹ́yìn nìkan síbẹ̀, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ṣíwájú iṣẹ́ àbójútó èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má yí orúkọ ipò padà. Wọ́n máa pe ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ "olórí ẹ̀ka", ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù pé kò ní pẹ́ lọ yóò wá di ẹni tí kò ṣeé gbà gbọ́. Bí fọ́ọ̀mù wọn bá sì ní kí ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Ti owó náà ńkọ́? Ẹni tó bá ní òun á gba owó tó kéré sí èyí tí wọ́n kọ, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé ọ̀ràn ti ká a mọ́bi kan, àti pé bí ibòmíràn bá pè é, á lọ. Gbólóhùn kan ti tó: "Mo ti rí owó oṣù tí ẹ kọ, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Arábìnrin, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ sọ fún wọn. Ẹni tó bá béèrè bóyá iṣẹ́ kéré jù fún èèyàn, ọ̀kan nínú ẹ̀rù mẹ́ta ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀: pé ẹ ò ní pẹ́ lọ, pé iṣẹ́ náà máa sú yín, tàbí pé ẹ ò ní gba àṣẹ. "Mo lè dijú ṣe é" ń sọ fún un pé á sú yín. "Ohunkóhun ni màá ṣe" ń sọ fún un pé iṣẹ́ yìí gan-an kọ́ lẹ wá. Ẹ sọ fún wa: kí ló dé tí ẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀? Kí lẹ sì bi wọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ẹ béèrè tiyín?

Arábìnrin Oníṣirò:
Òótọ́ ni mo sọ o, mo lè dijú ṣe é. Ṣé kí n wá máa ṣe bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni? Ìdí tí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ ni pé ìpàdé lójoojúmọ́ àti ìjà òṣìṣẹ́ ti sú mi. Ìṣirò gan-an ni mo fẹ́ràn. Títí di ìsinsìnyí, èmi fúnra mi ni mo ń fi ìwé báǹkì wé lẹ́jà lóṣooṣù.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ò tíì sọ ọjọ́ orí yín.

Ọ̀rọ̀ Ajé:
Ìyá, ẹ fi ọjọ́ orí sílẹ̀. Arábìnrin, ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ máa lo ọdún 5, ọkàn wọn á balẹ̀.

Agbanisíṣẹ́:
Kò sẹ́ni tó máa gba ọdún 5 tí a ṣèlérí lásán gbọ́. Bí ẹ bá ti pẹ́ níbì kan rí, ìyẹn ni kí ẹ sọ, nítorí wọ́n lè pe ibẹ̀ wádìí. Ohun tí arábìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa ìwé báǹkì yẹn gan-an ni oògùn ẹ̀. Ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n "ó ti sú mi" ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín níbẹ̀, torí wọn á máa rò pé bí tiwọn náà ṣe máa sú yín nìyẹn. Ohun tó ń fà yín sí iṣẹ́ wọn ni kí ẹ sọ. Àti pé ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi kejì.

Arábìnrin Oníṣirò:
Ìyẹn ò tó nǹkan. Mo béèrè pé ó máa ń tó ìgbà wo kí wọ́n tó gbéni ga sí olórí ẹ̀ka. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi wọ́n náà nìyẹn. Ọ̀gá tí mo fẹ́ lọ rí yìí ni olórí ẹ̀ka ọ̀hún, kò sì tíì pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ajé:
Háà!

Agbanisíṣẹ́:
Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni ọdún 14 tó ń wá iṣẹ́ ẹni ọdún 3, tó sì ń béèrè ìgbà tí àga olórí ẹ̀ka máa kàn án. Ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ló ń bọ̀ wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Ẹ má dúró dè é kó béèrè. Bí ó bá ti ní kí ẹ sọ nípa ara yín, ẹ sọ nǹkan bí èyí, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ:

"Mo ti ṣe olórí ẹ̀ka, ẹ ti rí i níbẹ̀. Ibi ìṣirò ni mo fẹ́ padà sí. Ìpolówó yín ní ẹni tó bá wọlé ló máa fi ìwé báǹkì wé lẹ́jà, tí á sì máa san owó àwọn tó ń kó ọjà wá. Ti ìwé báǹkì yẹn, mo ṣì ń fọwọ́ ara mi ṣe é lóṣooṣù. Mo béèrè nípa ìgbéga níjọ́sí, ó sì lè dà bíi pé ipò ni mo ń wá. Iṣẹ́ yìí ni mo wá. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu bí a ṣe máa ṣe é, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èrò mi, màá sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Kí ni ẹ máa fẹ́ kí ẹni yìí ti parí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Bí ó bá ní iṣẹ́ ìṣirò òpin oṣù máa ń fà gùn, ẹ sọ apá tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ bí ẹ ṣe máa tún gbogbo ẹ̀ka tò.

Ọ̀rọ̀ Ajé:
Mi ò fara mọ́ kó fẹnu ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìgbéga jáde. Bí wọn ò bá tíì sọ fún ọ̀gá yẹn ńkọ́? Á kàn fọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ni.

Agbanisíṣẹ́:
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti gbọ́ tí ẹ ò sì sọ nǹkan kan, kò ní béèrè, á kàn mú ẹlòmíràn ni.

Arábìnrin Oníṣirò:
Mo ti gbọ́ tẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ojú ìwé LinkedIn mi ṣì ń sọ pé ipò olórí ẹ̀ka ni mo ń wá. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Agbanisíṣẹ́:
Ẹ yọ ọ́ lálẹ́ yìí. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún wa, ṣé ẹ ṣì ń wá ipò yẹn níbòmíràn?