Àgékù ni, ègé ni, àbí àyọwò? Orúkọ fún fídíò kéékèèké tí a gé láti ara wẹ́bínà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. A ní wẹ́bínà wákàtí kan àbọ̀ n'Ìbàdàn níbí, lórí ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní kí n gé e sí fídíò kéékèèké, kí ìkọ̀ọ̀kan ní kíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Mo ń kọ ìlànà iṣẹ́ náà ní Yorùbá fún àwọn tá a jọ ń ṣe é. Kí ni ká máa pe fídíò kékeré yẹn? Kíwọ́ọ̀dù ńkọ́?

Ará Mọ́kọ́lá: Àbúrò, èyí ò le. Àgékù ni fídíò, kókó ọ̀rọ̀ ni kíwọ́ọ̀dù. Ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ ń sọ níbẹ̀, kọ ọ́ sí àkọlé, ó parí.

Ará Bódìjà: Ẹ̀gbọ́n, mo gba ìdajì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan ló ni kíwọ́ọ̀dù. Ibì kan á wà nínú wẹ́bínà yẹn tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀gẹ́ tí a wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó máa bàjẹ́. "Ìtọ́jú lẹ́yìn ìkórè" ni kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ta ló máa tẹ ìyẹn sínú Yútúùbù? Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń dúdú nínú àpò á tẹ "kí ló ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́". Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ọ̀rọ̀ ìṣàwárí. Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ náà, má tíì wá a, kí o wo àwọn gbólóhùn tó máa já sílẹ̀ lábẹ́ àpótí náà. Ohun táwọn èèyàn ń wá nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dàrú ni kí ègé méjì máa lé ọ̀rọ̀ kan. Ká ní apá kan sọ pé kí igi tí a ó gbìn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, apá kejì sì sọ pé kí a fi mítà kan sí àárín ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn, ní ìbú àti ní òòró, kí hẹ́kítà kan lè gba 10,000. Ọwọ́ á fẹ́ kọ "bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́" sí méjèèjì. Má ṣe é. "Gígùn igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn" ni ti àkọ́kọ́, "àyè àárín ẹ̀gẹ́" ni ti èkejì. Odidi wẹ́bínà ni kó mú "ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́" tó fẹ̀. Bí méjì bá ń bá ara wọn du ọ̀rọ̀ kan, wàá rí i nínú YouTube Studio: níbi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn fi wá ọ hàn, gbólóhùn kan náà á jáde fún méjèèjì, òǹwòran á sì kéré lọ́dọ̀ méjèèjì.

Ìyá Òkè-Àdó: Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ti ìwàásù náà nìyẹn? Ọmọ mi gé ìwàásù pásítọ̀ wa, ó kọ "Apá Kìíní" títí dé "Apá Kẹsàn-án". Ẹnì kankan ò wo apá kẹrin. Ṣé ká da ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí táàgì ni?

Ará Bódìjà: Rárá, mà. Yútúùbù fúnra wọn sọ pé ipa táàgì kéré, àfi fún ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sábà máa ń ṣì kọ. Kò sẹ́ni tó ń wá "Apá Kẹrin". Ìbéèrè tí pásítọ̀ dáhùn ní apá yẹn ni kí ẹ fi ṣe àkọlé. Ibi ìbéèrè náà gan-an ni kí ègé ti bẹ̀rẹ̀, kí ìkíni kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní "gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan", ẹ gé ìyẹn náà, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn.

Ará Àpáta: Kí la tiẹ̀ ń gé e fún? Ẹ to àkókò sínú àlàyé abẹ́ fídíò, kó bẹ̀rẹ̀ láti 0:00, kó tó mẹ́ta ó kéré tán. Yútúùbù á pín in sí orí-orí fúnra rẹ̀.

Ará Bódìjà: Ìyẹn dára fún odidi. Ṣùgbọ́n abẹ́ àkọlé kan ṣoṣo ni gbogbo orí yẹn ṣì wà. Ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń bàjẹ́ á rí wákàtí kan àbọ̀, á sì kọjá lọ. Ègé tó dúró lóòró, tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, lè wọ Shorts pàápàá. Ìṣẹ́jú kan ni tẹ́lẹ̀, oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n fi kún un.

Ará Mọ́kọ́lá: Mo gba ọ̀rọ̀ ìṣàwárí. "Ègé" ni mi ò gbà. Bí ọmọ yìí bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, "ege ege" ló máa jẹ́. Èwo ni fídíò, èwo ni gbágùúdá?

Ìyá Òkè-Àdó: Àgékù tìrẹ náà dà bí ohun tí wọ́n fẹ́ gbá dànù. Èyí tí a yọ láti kà ni àyọkà. Èyí tí a yọ láti wò, ṣé kì í ṣe àyọwò ni?

Ará Àpáta: Mà, bí kò bá lámì, màá rò pé owó la fẹ́ lọ yọ ní báńkì ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kọ "ọ̀rọ̀ ìṣàwárí" sílẹ̀. "Ègé fídíò" ni mo ṣì ń lò ná, ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú. Ẹ̀gẹ́ àti gbágùúdá wá ńkọ́, ṣé ègé méjì ni kí n gé fún wọn?

Ará Bódìjà: Ẹyọ kan ni. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń wá. Fi ọ̀kan sí àkọlé, kí o fi èkejì sí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àlàyé. Ẹ̀gẹ́ lèmi á fi sókè.

Ará Mọ́kọ́lá: N'Ìbàdàn? Gbágùúdá ni o.