Ta ni «Creator» lédè Yorùbá?

Ẹlẹ́ja kan, Ẹ̀pẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yí ojú-ewé ẹja yíyan mi padà lórí Instagram. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú Business àti Creator. Kí la máa pe èkejì, èwo ló sì yẹ mí?

Olùkọ́ àgbà, Ìkòròdú: Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe «Ẹlẹ́dàá». Olódùmarè ló ni ìyẹn, «Aṣẹ̀dá» náà ò sì jìnnà sí i. «Agbéṣẹ́jáde» ni mo fara mọ́. Business ni «oníṣòwò». Ẹja lẹ ń tà, nítorí náà oníṣòwò ni yín.

Alágbọn, Àgbádárìgì: Mo ti ń lo WhatsApp Business láti ta àgbọn, kò sí wàhálà kankan. Gbogbo iye owó ọjà mi ló wà níbẹ̀.

Abójútó-ojú-ewé, Ìkòròdú: Ẹ̀gbọ́n, áàpù mìíràn nìyẹn, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ti orúkọ, mo gbà fún Olùkọ́. Ní ti yíyàn, orúkọ yẹn gan-an ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Aránṣọ kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ mú Business torí pé ó ń tajà. Nígbà tó fẹ́ fi orin fújì kan sí fídíò rẹ̀, kò rí i mọ́. Orin tí kò ní ẹni tó máa béèrè owó lórí rẹ̀ nìkan ló kù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ ń bú. A yí i sí Creator, orin padà dé.

Olùkọ́ àgbà: Mo rò pé orin máa ń lọ lọ́wọ́ méjèèjì ni.

Abójútó-ojú-ewé: Rárá, sà. Ọ̀pọ̀ Business ló ń pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí Creator náà kò lè sanwó kí wọ́n fi fídíò tó ní irú orin bẹ́ẹ̀ polówó ọjà. Mà, ṣé ẹ ti ojú-ewé yín pa?

Ẹlẹ́ja: Mo tì í. Àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ mi wà níbẹ̀. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń kanlẹ̀kùn, mi ò dá wọn lóhùn.

Abójútó-ojú-ewé: Ẹ ṣe sùúrù ná. Méjèèjì kì í ṣeé tì. Bí ẹ bá ṣí i, gbogbo àwọn tó ń kanlẹ̀kùn yẹn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ pa ìbéèrè wọn rẹ́, kí ẹ kó àwòrán àwọn ọmọ kúrò, tàbí kí ẹ ṣí òmíràn fún ẹja. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Account type and tools, ẹ tẹ Switch to professional account. Ọjọ́ yẹn ni Insights á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó ń wò yín. Kò ní ka ti àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá padà sí ti ara-ẹni, gbogbo rẹ̀ á parẹ́.

Ẹlẹ́ja: Màá ṣí òmíràn. Ọmọ mi ní ká pe Creator ní «onífídíò».

Olùkọ́ àgbà: Ẹni tó ń ya fọ́tò nìkan ńkọ́?