Orúkọ oníbàárà mi dàrú nínú Google Sheets, ẹ bá mi dá sí i

Aláṣọ Gbági
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Orúkọ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ mi lé ní ẹgbẹ̀ta. Àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì ló kó o jọ: wọ́n tẹ àwọn kan láti inú ìwé gbèsè, wọ́n kọ́pì àwọn yòókù láti WhatsApp. Ọ̀kan ń fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo nǹkan, èkejì kò mọ̀ pé lẹ́tà ńlá wà láyé. Ẹ wo bó ṣe rí:

```
adebayo  FUNKE
Adebayo Funke
OGUNLEYE, bisi
alhaja sherifat  LAWAL
Iya Tobi
```

Mo fẹ́ máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, kí orúkọ wọn wà níwájú: "Ẹ kú àárọ̀, Funke." Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ dá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kan, kí orúkọ bàbá wà ní òmíràn. Mo ní kó yọ àwọn tó wà lẹ́ẹ̀mejì kúrò, kò fọwọ́ kan Adebayo Funke méjèèjì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
Ìyá, kò le rárá. Ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, ẹ lọ sí Data, Data cleanup, Trim whitespace. Àlàfo á lọ. Lẹ́yìn náà Data, Split text to columns. Ó parí.

Aláṣọ Gbági
O ṣé, àbúrò. Mo ti tẹ Trim whitespace. Ó ní òun ti tún ọ̀pọ̀ ṣe, òótọ́ sì ni, ó mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Adebayo Funke ṣì jẹ́ méjì, bẹ́ẹ̀ ojú mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn mọ́ ju lẹ́tà ńlá lọ.

Akọ̀wé Owó Ìkẹjà
Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ńlá kọ́ ló fà á. Tí Google Sheets bá ń wá àwọn tó jọra, kì í ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí. Àlàfo kan ló ṣẹ́ kù tí ojú ò rí. Ẹ lọ sí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo, kí ẹ tẹ èyí:

```
=LEN(A2)
```

Adebayo jẹ́ lẹ́tà méje, Funke jẹ́ márùn-ún, àlàfo kan láàárín wọn: 13 ló yẹ kó sọ. Tó bá sọ 14, nǹkan kan wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Ẹ wá bi í pé kí ni:

```
=UNICODE(RIGHT(A2,1))
```

Àlàfo tí a ń fi bọ́tìnnì gígùn tẹ̀ máa ń fún wa ní 32. Tí tiyín bá sọ 160, àlàfo tó wá láti ibi tí wọ́n ti kọ́pì ni, irú èyí tí wọ́n ń lò lórí ìkànnì kí ọ̀rọ̀ méjì má bàa pínyà sórí ìlà méjì. Trim whitespace kì í fọwọ́ kan irú rẹ̀, fọ́múlà TRIM náà kì í fọwọ́ kàn án.

Aláṣọ Gbági
Ẹ̀n-ẹ́n! 14 ló sọ. Èkejì sì sọ 160 lóòótọ́.

Ẹlẹ́jà Ẹ̀pẹ́
Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Tèmi náà ń jẹ nǹkan. Gbogbo nọ́mbà fóònù oníbàárà mi ló pàdánù odo iwájú, 0803 di 803. Ṣé TRIM ló ń jẹ ẹ́ ni?

Akọ̀wé Owó Ìkẹjà
Rárá, TRIM ò mọ̀ nípa ìyẹn. Google Sheets ló rò pé iye owó lẹ kọ síbẹ̀, odo iwájú kì í sì í ní ìtumọ̀ nínú iye. Kí ẹ tó tẹ nọ́mbà, ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù náà di Plain text lábẹ́ Format, Number. Fún èyí tó ti sọnù, `="0"&A2` nínú kọ́lọ́ọ̀mù míì á dá a padà. Ẹ jẹ́ ká padà sí ti ẹ̀gbọ́n.

Ẹ má fi Split ṣe nǹkan kan ná. Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́lọ́ọ̀mù B sílẹ̀ fún orúkọ mímọ́, kí A wà bó ṣe wà. Nínú B2 ẹ kọ:

```
=PROPER(TRIM(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(160)," ")))
```

Láti inú lọ síta ló ń ṣiṣẹ́: ó sọ 160 di àlàfo tí TRIM mọ̀, TRIM gé e, PROPER wá sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di ńlá, ìyókù di kékeré. Ẹ fà á wá sísàlẹ̀. Ẹ wo àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ gígékúrú, torí "KB VENTURES" á di "Kb Ventures". Ọwọ́ lẹ máa fi tún ìyẹn ṣe.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ́pì B, kí ẹ fi Ctrl+Shift+V lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀, kó di ọ̀rọ̀ lásán. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá pa kọ́lọ́ọ̀mù A rẹ́, #REF! lẹ máa bá nílẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ yọ àwọn tó wà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́mbà fóònù wọn pọ̀ mọ́ ọn. Adebayo Funke méjì lè wà n'Ìbàdàn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
O dáa, mi ò mọ 160 yẹn. Ṣùgbọ́n Split ṣáà máa ṣiṣẹ́ báyìí?

Akọ̀wé Owó Ìkẹjà
Á ṣiṣẹ́ fún Adebayo Funke. Fún Alhaja Sherifat Lawal, kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta ni yóò pín in sí, Alhaja á wá bọ́ sábẹ́ orúkọ bàbá. Èmi máa ń ka àlàfo ná kí n tó gé ohunkóhun:

```
=LEN(B2)-LEN(SUBSTITUTE(B2," ",""))
```

Ẹ fi iye yìí to ìwé náà. Àwọn tó jẹ́ 1 á wà papọ̀, àwọn tó jẹ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á bọ́ sísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ yìí, ojú yín ló máa mọ̀ wọ́n, fọ́múlà ò mọ Alhaja yàtọ̀ sí Adebayo. Fún àwọn tó jẹ́ 1:

```
=LEFT(B2,FIND(" ",B2)-1)
=MID(B2,FIND(" ",B2)+1,100)
```

Ti àkọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, ti èkejì fún èyí tó kù. Ẹni tó ní orúkọ kan ṣoṣo, iye tirẹ̀ á jẹ́ 0, #VALUE! ni LEFT á sì sọ fún un.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Orúkọ bàbá ló ń ṣáájú, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní rẹ́jísítà. Kí ló le níbẹ̀?

Akọ̀wé Owó Ìkẹjà
Nínú rẹ́jísítà ni, sà. Ẹni tó fi WhatsApp ra aṣọ lè kọ Funke Adebayo. "Ogunleye, Bisi" nìkan ló dá mi lójú, kọ́mà ti sọ fún wa èwo ni ti bàbá. Nítorí náà, ẹ má pa kọ́mà rẹ́ títí ẹ ó fi pín àwọn yẹn tán.

Aláṣọ Gbági
Iya Tobi wá ńkọ́? Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi. 1 ni àlàfo rẹ̀, ó ti lọ di "Ẹ kú àárọ̀, Tobi". Ọmọ rẹ̀ ni Tobi o!

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́jà Ẹ̀pẹ́
Kí n máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi látayébáyé? Ó máa bínú.

Akọ̀wé Owó Ìkẹjà
Èmi á fi kọ́lọ́ọ̀mù kẹta kún un, "Ìpè", kí n kọ gbogbo "Iya Tobi" síbẹ̀, kí iṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ máa mú orúkọ láti ibẹ̀. Alhaja Sherifat náà á wọlé síbẹ̀. Àwọn tó bá ṣófo níbẹ̀ nìkan ni kó mú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ fún, bíi Funke.

Aláṣọ Gbági
Ìyẹn wọ̀ mí létí. Ohun kan ló kù: ọmọṣẹ́ mi kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì kọ Fúnkẹ́ báyìí. Ṣé ó máa mọ̀ pé Funke náà ni?

Akọ̀wé Owó Ìkẹjà
Kò ní mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni Funke, ọ̀tọ̀ ni Fúnkẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí gbogbo wọn máa lò ó. Tó bá jẹ́ àmì lẹ mú, ẹ dán PROPER wò lórí orúkọ díẹ̀ kí ẹ tó fà á dé ìsàlẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Àmì ni kí ẹ mú.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
Sà, ta ló máa tẹ ẹgbẹ̀ta orúkọ pẹ̀lú àmì lórí fóònù?