Ẹ gbà mí o! Fáúṣà àti kọ́ńtíráàtì nóòtì kún ilẹ̀, fọ́ọ̀mù owó-orí sì ti dé tán

Dídùn, Líìdì: Ẹ kú àárọ̀, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo ta ṣíà lóṣù Kejì ọdún 2025, fọ́ọ̀mù owó-orí sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2026 tó kọjá. Mi ò ní àkọsílẹ̀ kankan. Páálí kan ni mo ní tí fáúṣà dífídẹ́ǹdì kún inú ẹ̀, àti kọ́ńtíráàtì nóòtì bírókà tó fọ́n káàkiri inú ímeèlì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sínú Excel lálẹ́ àná, ohun tó gbé jáde ni pé mo ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan ní £240,000! Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ́ńsì ni wọ́n fi kọ iye ṣíà sórí nóòtì, kì í ṣe pọ́n-ùn. 240.00 tó o rí yẹn, £2.40 ni. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, wàá rí GBX tàbí p kékeré níbẹ̀. Ṣé inú ISA ni wọ́n wà? Tó bá jẹ́ ISA ni, lọ sùn, kò kan fọ́ọ̀mù.

Dídùn, Líìdì: Rárá mà, ìta ISA ni. Ẹ ṣeun, ti pẹ́ńsì yẹn ti yé mi.

Ọmọ Ìbàdàn, Húsítìnì: Dídùn, fọkàn balẹ̀. Èyí tó o kọ́kọ́ rà ni o kọ́kọ́ tà. To nóòtì rẹ ní ọjọ́-ọjọ́, kó o yọ iye tó o tà kúrò lára ti àkọ́kọ́. Bírókà rẹ á tiẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ fún ọ sínú 1099-B.

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Ọmọ Ìbàdàn, òfin Amẹ́ríkà lẹ ń sọ yẹn, ó sì tọ̀nà lọ́dọ̀ yín. Ní Ìlú Ọba, kò sí 1099-B, kò sì sí pé èyí tó ṣáájú ló ń kọ́kọ́ jáde. Gbogbo ṣíà ilé-iṣẹ́ kan náà, inú ìkòkò kan là ń dà wọ́n sí, owó tó wà níbẹ̀ la sì ń pín dọ́gba lórí gbogbo wọn. Dídùn, mú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó o kọ ohun tó wà lórí nóòtì rẹ̀ síbí. Má dà gbogbo páálí lé wa lórí.

Dídùn, Líìdì: Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 2019, mo ra 1,000 ní £2.40. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, mo ra 500 ní £1.80. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2025, mo ta 800 ní £3.10. Ó tán. Àfi pé fáúṣà oṣù Kẹfà 2024 sọ pé 1,544 ni mo ní. Mo kà á títí, 1,500 ni mo rà.

Táyélolú, Bámíńgámù: Àṣìṣe àwọn tó ń tọ́jú orúkọ oníṣíà nìyẹn. Ohun tó o rà ni kó o kọ, gbàgbé 44 yẹn.

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Táyélolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Iye ṣíà tó wà lórí fáúṣà ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù nínú gbogbo ìwé yẹn. Bírókà lè má fi nóòtì kan ránṣẹ́, ímeèlì lè sọ nù, àmọ́ ilé-iṣẹ́ kì í san dífídẹ́ǹdì lórí ṣíà tí kò sí lórúkọ rẹ. Nígbà tí àròpọ̀ nóòtì bá yàtọ̀ sí ti fáúṣà, nóòtì kan ló sọ nù. Dídùn, ní gbogbo ọdún yẹn, ṣé o fìgbà kan fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi dífídẹ́ǹdì ra ṣíà fún ọ?

Dídùn, Líìdì: Haà! Lóòótọ́ ni o. 2022, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn náà. Mo ti rí ìwé rẹ̀. Dífídẹ́ǹdì 6 pẹ́ńsì lórí 1,500, ìyẹn £90.00. Wọ́n fi ra 44 ní £2.00, owó sítáǹbù 44 pẹ́ńsì, owó iṣẹ́ wọn £1.50. Àpapọ̀ £89.94. Pẹ́ńsì mẹ́fà ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn.

Táyélolú, Bámíńgámù: Ó dáa, mo gbà pé 44 wà. Àmọ́ òfo ni kó o kọ sí iye tó o rà á. Kò sí kọ́bọ̀ tó jáde lápò rẹ.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Táyélolú, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, mo sì jẹ ìyà ẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni mo fi jẹ́ kí wọ́n máa fi dífídẹ́ǹdì ra ṣíà fún mi, òfo ni mo kọ sí gbogbo wọn. Mo ti san owó-orí lórí dífídẹ́ǹdì yẹn lọ́dọọdún. Ìgbà tí mo wá tà wọ́n, mo tún san lórí owó kan náà bí ẹni pé èrè ni. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, mo béèrè owó mi padà, ọdún mẹ́rin péré ni òfin gbà kéèyàn padà sẹ́yìn. Ìyókù ti lọ nìyẹn.

Táyélolú, Bámíńgámù: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má kọ £90 yẹn sí owó tó wọlé nígbà náà, kó kọ ọ́ sí iye ìrà nìkan. Ọwọ́ ẹ̀ kò kúkú kan owó náà.

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Òpó méjèèjì ló ń wọ̀. £90.00 lọ sí òpó dífídẹ́ǹdì, nítorí tirẹ̀ ni, òun ló sì ní kí wọ́n fi rajà. £89.94 lọ sí òpó iye ìrà. Pẹ́ńsì mẹ́fà yẹn, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má bàa rú ọ lójú lọ́jọ́ mìíràn. Dídùn, nóòtì tó o fi rà, ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kó o mú, kì í ṣe owó ṣíà nìkan. Kọ́míṣọ̀n àti owó sítáǹbù wà lára ohun tó ná ọ.

Dídùn, Líìdì: Kọ́míṣọ̀n jẹ́ £9.95 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, £2,400 àti sítáǹbù £12, ó di £2,421.95. Ti kejì, £900 àti sítáǹbù £4.50, ó di £914.45. Tí mo bá fi £89.94 kún un, 1,544 ṣíà, £3,426.34. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ti ìtà ní tirẹ̀, kọ́míṣọ̀n yọ kúrò: £2,480 dín £9.95, ó ku £2,470.05. Pín £3,426.34 sí ọ̀nà 1,544, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po 800, wàá rí £1,775.31. Èrè rẹ á jẹ́ £694.74. Dúró ná o. Ṣé o ra òmíràn padà lẹ́yìn tó o tà?

Dídùn, Líìdì: Bẹ́ẹ̀ ni mà, 200 ní £3.00 lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì yẹn kan náà. Àbámọ̀ ló ṣe mí, ó tún ń gòkè. Ṣé ìyẹn náà ní wàhálà?

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Tí èèyàn bá ra ṣíà kan náà padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tó tà, òfin á kọ́kọ́ so èyí tó rà padà mọ́ èyí tó tà, kó tó wo inú ìkòkò. 200 yẹn, £600, sítáǹbù £3 àti kọ́míṣọ̀n, £612.95. Òun ni iye ìrà fún 200 nínú 800. 600 tó kù ló jáde nínú ìkòkò, £1,331.48. Àpapọ̀ £1,944.43, èrè rẹ wá di £525.62. Ohun tó kù nínú ìkòkò jẹ́ 944 ṣíà, £2,094.86. Lọ wo fáúṣà tó tẹ̀ lé ìtà yẹn, kó o sọ iye ṣíà tó wà lórí ẹ̀ fún mi.

Dídùn, Líìdì: 944! Àǹtí, ẹ máa pẹ́ fún wa.

Ọmọ Ìbàdàn, Húsítìnì: Àǹtí Onífáìlì, mo dọ̀bálẹ̀. Èrè £525 péré, ṣebí £3,000 ni òfin yín fi sílẹ̀ láìgba owó-orí fún ọdún yẹn? Kí ló ń bà á lẹ́rù?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn, páálí ṣì kún. Ti dífídẹ́ǹdì ni kó bẹ̀rù jù, £500 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún 2024/25, wọ́n ti gé e láti £1,000. Dídùn, ọjọ́ tí wọ́n san án ni kó o wò o. Ọjọ́ tó wà lórí fáúṣà ju ẹyọ kan lọ.

Dídùn, Líìdì: Fáúṣà 944 yẹn, ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2025 ni wọ́n san án.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Ó ti bọ́ sí ọdún tó tẹ̀ lé e nìyẹn, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin lọdún ń parí. Fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ti nóòtì bírókà ní tirẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe òwò náà ni, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì.

Akọ́mọlẹ́dà, Dọ́búlìnì: Ẹ má fi ọwọ́ tẹ gbogbo ẹ̀ o, ojú á máa ṣì í kà. Èyí tó jẹ́ PDF láti ọ̀dọ̀ bírókà, `pdftotext -layout` á yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde ní ìlà-ìlà. Èyí tẹ́ ẹ bá fi fóònù yà, òfìfo ló máa gbé jáde, ẹ tẹ ìyẹn fúnra yín. Fún fáúṣà, iye ṣíà sí D, pẹ́ńsì lórí ṣíà kan sí E, owó tí wọ́n san sí F, kẹ́ ẹ wá fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:

```
=ROUND(D2*E2/100,2)-F2
```

Òdo ló yẹ kó jẹ́. Oṣù Kẹfà 2024 yẹn, 1,544 ní pẹ́ńsì 7 yẹ kó jẹ́ £108.08.

Dídùn, Líìdì: Òdo ni! Àmọ́ ìlà kan kọ̀, ó ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ni wọ́n san án, fáúṣà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà.

Akọ́mọlẹ́dà, Dọ́búlìnì: Excel rẹ wà lórí ètò Amẹ́ríkà, oṣù ló ń kọ́kọ́ kà. Ẹ bi Húsítìnì.

Ọmọ Ìbàdàn, Húsítìnì: Ẹ fi wá sílẹ̀ o, àwa là ń rí oòrùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lúṣàm: Ẹ kú ìkàlẹ̀. Nípa ṣíà téèyàn ò yọ owó lápò rà yìí, èmi náà ń bá a jà. Bàbá mi fi sẹ́tífíkéètì ṣíà báńkì kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bọ́náàsì ló pọ̀ níbẹ̀. Iye wo ni mo máa kọ?

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Ìbéèrè tí Dídùn béèrè yàtọ̀, àmọ́ ó dáa. Iye tí ṣíà náà tó lọ́jọ́ tí Bàbá lọ ni iye ìrà tìrẹ, kì í ṣe ohun tí wọ́n san nígbà ayé wọn. Bọ́náàsì tó bá dé lẹ́yìn náà á fi kún iye ṣíà, kò ní fi kún owó inú ìkòkò. Dífídẹ́ǹdì ilé, kọ odindi rẹ̀, kó o kọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yọ sí òpó tirẹ̀, má kàn kọ ohun tó kù.

Táyélolú, Bámíńgámù: Kí ó lo iye náírà ọjọ́ tí wọ́n san án.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Èmi máa ń lo ti oṣù, èyí tí ilé owó-orí ń gbé jáde. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Táyélolú, Bámíńgámù: Wọ́n máa bi yín. Mánṣẹ́sítà ni, ẹ fẹ́ràn àbùjá.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Bámíńgámù tí ò rí iṣu gidi rà ló ń sọ̀rọ̀ àbùjá!

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lúṣàm: Ẹ ṣeun, Àǹtí. Bàbá mi máa ń jókòó síta ní àárọ̀ ọyẹ́, wọ́n á ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé ọjà ìpín, wọ́n á fi bíírò fa ìlà sábẹ́ tiwọn. Àárò wọn sọ mí gan-an lónìí.

Ọmọ Ìbàdàn, Húsítìnì: Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ọyẹ́ Ìbàdàn lásìkò yìí, pẹ̀lú àkàrà gbígbóná, kí ni mo wá ṣe níbí ná?

Dídùn, Líìdì: Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ṣì ní fọ́ńdù kan tí kì í fi owó ránṣẹ́, inú ara rẹ̀ ló ń da dífídẹ́ǹdì padà sí. Kò sí nóòtì, kò sí ṣíà tuntun. Ṣé ìyẹn náà wọ òpó méjèèjì?

Àǹtí Onífáìlì, Pẹ́kámù: Ó wọ̀ ọ́, àmọ́ ohun kan wà lórí fáúṣà àkọ́kọ́ rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ya fọ́tò rẹ̀ síbí, mo máa wò ó tí mo bá délé.

Táyélolú, Bámíńgámù: Ìyá Ìbejì, iṣu gidi wo lẹ ní ní Mánṣẹ́sítà? Ti Gánà lẹ ń jẹ.

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà: Wá lọ́jọ́ Sátidé, kó o wá fẹnu ara rẹ tọ́ ọ wò.